Ọgọ́rùn-ún Ni Gbogbo Wọn Fi Bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí owó oṣù tuntun di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo òṣìṣẹ́, akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan n'Ìbàdàn pè mí pé kí n wá ya àwòrán kan tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé wọn. Iṣẹ́ kékeré ló jọ lójú tirẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé rí i lẹ́ẹ̀kan náà bí owó oṣù tó kéré jù lọ ṣe lọ sókè láti ọdún 2011, bí owó epo bẹntiróò náà ṣe lọ, àti iye tí wọ́n ń ta àgbá epo rọ̀bì kan lọ́jà àgbáyé. Ó ní gbogbo ìgbà tí epo bá ti wọ́n ni wọ́n máa ń sọ fáwọn pé epo rọ̀bì ló fà á. "Ìlà mẹ́ta péré ni, ẹ̀gbọ́n," ló wí. Ó ti kọ iye wọn sẹ́yìn ìwé ìpè ìpàdé kan, ó sì nà án sí mi.

Mo wo ìwé náà. Ní 2011 tí òfin owó oṣù ₦18,000 jáde, ₦65 ni líítà epo kan. Àgbá epo rọ̀bì tí wọ́n ń pè ní Brent ń lọ ní nǹkan bíi dọ́là 111, tí a bá ṣírò ọdún náà látòkè délẹ̀. Ní 2019 owó oṣù di ₦30,000, epo wà ní ₦145, àgbá rọ̀bì sì ti wálẹ̀ sí bíi dọ́là 64. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ₦70,000. Ilé epo NNPC l'Ábújá ń ta líítà kan ní ₦617 nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé epo aládàáni ń tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbá rọ̀bì lọ́dún náà jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 80.

Mo kọ́kọ́ ya á bó ṣe wí gan-an. Mo ra páálí funfun tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 70, mo pín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òdo dé 70,000, kí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan lè dúró fún ₦1,000. Ìlà owó oṣù gbéra láti sẹ̀ǹtímítà 18, ó kọjá 30, ó lọ kan òkè páálí. Ìlà epo ńkọ́? ₦617 ò tó sẹ̀ǹtímítà kan. Láti ₦65 dé ₦617, gbogbo ìrìn tó dá ariwo sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ yìí, ó gòkè ní mìlímítà márùn-ún ààbọ̀ péré, ìyẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ẹnu mákà tí mo fi ń yà á lọ. Ti epo rọ̀bì tiẹ̀ tún burú jù ú lọ. Dọ́là ni wọ́n fi ń kà á, èmi sì fà á sórí páálí tí mo fi náírà pín, ló bá lọ sùn lé ìlà epo bẹntiróò lórí, kò sí ẹni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Ìyá kan tó ń to àga dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ọ̀gá," ó ní, "ṣé owó oṣù wa ló wá lọ sókè tó báyìí, tí epo ò sì kúrò nílẹ̀?" Kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló kà, ó sì kà á dáadáa. Kò sí irọ́ kankan nínú iye tí mo kọ, síbẹ̀ bí agbanisíṣẹ́ bá rí páálí yẹn, á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àwọn kan á ní kí n pín ọwọ́ òsì páálí fún owó oṣù, kí n pín ọwọ́ ọ̀tún fún epo, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ẹ ó rí irú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń yà á ló ń pinnu ibi tí ìlà méjèèjì yóò ti pàdé. Bí mo bá na ọwọ́ ọ̀tún, epo á fò bí ẹyẹ. Bí mo bá fún un pọ̀, epo á jókòó. Iye ò yí padà, ọwọ́ mi nìkan ló yí.

Ohun tó yẹ kí n ti bi àwọn ìlà náà kọ́ ni "Mélòó ni ọ́?" Owó oṣù ń ka náírà lóṣù, epo ń ka náírà ní líítà, rọ̀bì ń ka dọ́là ní àgbá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì gbọ́ èdè ara wọn. Ìbéèrè tí gbogbo wọn lè dáhùn ni pé, "Ìlọ́po mélòó ara rẹ lo ti dà láti ọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?" Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó yára dàgbà láàárín òròmọdìẹ àti ọmọ ewúrẹ́ ò ní gbé wọn dúró ti ara wọn. Yóò bi pé ta ló kọ́kọ́ di ìlọ́po méjì bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Ìṣirò rẹ̀ ò ju ká pín, ká sì sọ di púpọ̀. Ẹ yan ọdún kan tí gbogbo wọn yóò ti gbéra, ìyẹn là ń pè ní ọdún ìpìlẹ̀. Ẹ fi iye tí nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ́ lọ́dún yẹn pín iye rẹ̀ ní ọdún mìíràn, kí ẹ wá fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni atọ́ka. Mo fi 18,000 pín 30,000, mo fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ó fún mi ní 167 tí a bá yọ ẹ̀sún kúrò. Mo fi 18,000 kan náà pín 70,000, ó di 389. Fún epo, 145 tí a fi 65 pín di 223, 617 sì di 949. Fún rọ̀bì, 64 tí a fi 111 pín di 58, 80 di 72. Nígbà tí a fi náírà pín náírà, náírà pa náírà rẹ́. Nígbà tí a fi dọ́là pín dọ́là, dọ́là náà lọ. Iye lásán ló kù, iye lásán sì lè jókòó sórí páálí kan náà láìjà.

Mo wá ya òmíràn, láti òdo dé 1,000. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra láti ojú kan náà, ní 100, ní ọdún 2011. Ti owó oṣù gun òkè lọ sí 389. Ti epo fi í sílẹ̀ ó lọ sí 949. Ti rọ̀bì sì forí balẹ̀, ó bọ́ sábẹ́ 100, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 58 kó tó gòkè díẹ̀ sí 72. Ìyá tó ń to àga padà wá wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi ìka tọ àárín owó oṣù àti epo láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, níbi tí àlàfo náà ti ń fẹ̀ sí i.

Ohun kan wà nínú àwòrán yìí tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Pé gbogbo wọn jẹ́ 100 ní 2011 kò túmọ̀ sí pé wọ́n dọ́gba ní 2011. Àwa la mú wọn dọ́gba. Bí ìlà méjì bá wá gé ara wọn kọjá níbì kan lẹ́yìn náà, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ti pọ̀ ju èkejì lọ. Ó kàn ń sọ pé láti ọdún ìpìlẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn, wọ́n ti dàgbà ní ìwọ̀n kan náà.

Akọ̀wé náà ṣi í kà lọ́nà mìíràn. Ó wo 167 ti 2019 àti 389 ti 2024, ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó sì múra láti kéde fún ìpàdé pé owó oṣù fi 222 nínú ọgọ́rùn-ún lé kún láti 2019. Mo dá a dúró. 222 yẹn jẹ́ ìgbésẹ̀ lórí àkàbà atọ́ka, ọgọ́rùn-ún tí a sì fi ń wọ̀n wọ́n jẹ́ ọgọ́rùn-ún ti 2011, kì í ṣe ti 2019. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 2019, pínpín ni yóò pín, kò ní yọ. Ẹ fi 167 pín 389, ẹ ó rí 2.33: owó oṣù di ìlọ́po méjì lé díẹ̀, ìyẹn ni pé ó fi 133 nínú ọgọ́rùn-ún lé kún. Bí iyèméjì bá wà, ẹ lọ wo owó fúnra rẹ̀: láti ₦30,000 dé ₦70,000. Kò sí bó ṣe lè ju ìlọ́po méjì àti díẹ̀ lọ.

Èmi náà ṣe àṣìṣe tèmi, ti inú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo fẹ́ fi kún àwọn ọdún tó wà láàárín, mo kó gbogbo iye sínú Excel, ọdún ìpìlẹ̀ ní ìlà kejì, àwọn yòókù tẹ̀ lé e nísàlẹ̀. Ohun tó yẹ kí n tẹ̀ rèé, kí n sì fà á lọ sísàlẹ̀:

```
=B3/B$2*100
```

Ààmì dọ́là tó wà láàárín B àti 2 yẹn kò kan owó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kan ọdún ìpìlẹ̀ mọ́lẹ̀ bí èèkàn, kó má bàa tẹ̀ lé wa bí a ṣe ń fa ìṣirò náà lọ sísàlẹ̀. Mo gbàgbé rẹ̀. Ìlà kẹta tọ̀nà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìlà kẹrin, kọ̀ǹpútà ti sún ìpìlẹ̀ náà sísàlẹ̀, ó ń fi ìlà kẹta pín ìlà kẹrin. Kò wá fi ọdún kankan wé 2011 mọ́, ọdún tó ṣáájú ló fi ń wé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi dán ọdún mẹ́ta wa wò, owó oṣù 2024 jáde ní 233 dípò 389, epo sì jáde ní 426 dípò 949. Kò sí ìkìlọ̀ kankan lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán náà sì dára lójú. Ohun tó tú mi fó ni pé mo mọ̀ lórí pé ₦70,000 súnmọ́ ìlọ́po mẹ́rin ₦18,000, nítorí náà atọ́ka rẹ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ 400. Bí ọdún bá pọ̀ nínú ìwé yín, ẹ ó tètè mọ̀ ọ́n: ìlà tó yẹ kó máa gun òkè yóò kàn máa rìn gbéregbère lókè 100 díẹ̀, kò ní lọ, kò ní bọ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kéré sí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìṣirò owó. Ó wo páálí náà títí, ó wá ní, "Àbúrò, kí ló dé tó fi jẹ́ 2011 lẹ fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi oṣù kìíní 2012 bẹ̀rẹ̀ tèmi." Ó mú bírò.

Àwọn tó dàgbà á rántí oṣù yẹn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012 ni ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé òun ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Epo tó jẹ́ ₦65 di ₦141 mọ́jú. Àwọn èèyàn tú síta káàkiri, àwọn ti Èkó kún Ọjọ́ta bí omi, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹrìndínlógún ìjọba sọ ọ́ di ₦97. Ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀ ni ₦141 fi wà láyé.

Bàbá yìí fi ₦141 ṣe 100. Owó oṣù ò tíì kúrò ní ₦18,000 nígbà náà, nítorí náà atọ́ka tirẹ̀ kò yí padà: 167 ní 2019. Ti epo ńkọ́? Ẹ fi 141 pín 145, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: 103. Nínú àwòrán tèmi, epo ti 2019 ti fi owó oṣù sẹ́yìn, 223 sí 167. Nínú àwòrán tirẹ̀, owó oṣù ló ṣíwájú, 167 sí 103, epo fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì kúrò lójú kan fún ọdún méje. Ẹjọ́ kan náà, ìwé kan náà, ìdájọ́ méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn, ohun tó sì wà láàárín wọn kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ọdún ìpìlẹ̀ lọ. Kódà bó bá fi ₦97 bẹ̀rẹ̀, epo á jẹ́ 149, owó oṣù á ṣì wà níwájú.

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Ẹnì kan ní bàbá náà ti gbàbọ̀de. Kò gbàbọ̀de rárá, ibi tí èèyàn máa ń fi nǹkan pamọ́ sí nínú irú àwòrán yìí ló fi hàn wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlà kan dà bí ẹni tó sáré yóò wá ọjọ́ tí nǹkan náà wà nílẹ̀ jù lọ fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó dà bí ẹni tó jókòó yóò wá ọjọ́ tó ga jù lọ.

Mo jẹ́wọ́ fún un pé àwòrán tèmi náà ní ibi tó fì sí. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó oṣù, ìyẹn ni pé mo bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí ₦18,000 ṣì tutù yọ̀yọ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ kì í lọ díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń jókòó fún ọdún pípẹ́, ó wá fò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ ní 2019, tí òfin ₦30,000 jáde ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin. Ẹni tó bá fi oṣù kẹta ṣe ìpìlẹ̀, nígbà tí owó oṣù ṣì wà ní ₦18,000, yóò rí i pé nígbà tó fi máa di ìparí oṣù keje 2024 owó oṣù ti di 389, epo di 426: wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ rìn. Ẹni tó bá fi oṣù karùn-ún bẹ̀rẹ̀ yóò rí owó oṣù ní 233, epo ní 426 bó ṣe wà. Nítorí ìdí yìí ni mo ṣe rò pé ọ̀nà tó dáa jù fún ọ̀rọ̀ owó oṣù ni kí a fi ìgbà tí òfin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wé ìgbà tí òfin mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde: 2011, 2019, 2024. Tútù wé tútù. Bàbá náà gbà pẹ̀lú mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ páálí, kí ẹni tí kò sí nípàdé mọ ìdí tí mo fi yàn án.

Fún àwọn nǹkan tí iye wọn ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, àtúnṣe kan wà tó ti pẹ́. Ní ọdún 1863, William Stanley Jevons, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ mọ̀ bóyá wúrà tuntun tí wọ́n wà jáde ní Kalifóníà àti Ọsirélíà ti dín agbára owó kù. Ó ní láti fi iye ọjà oríṣiríṣi wé ara wọn, èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní pọ́n-ùn àti èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní gálọ́ọ̀nù. Kò fi ọdún kan ṣoṣo ṣe 100. Ọdún 1845 dé 1850 ló kó pọ̀, ó wá ìdọ́gba wọn, ó sì fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀, kí ọdún burúkú kan tàbí ọdún rere kan má bàa dá gbogbo ìtàn rú. Bí bàbá wa bá ti fi ìdọ́gba gbogbo 2012 ṣe ìpìlẹ̀, ₦141 ì bá ti rì sínú ₦97 tó gba gbogbo ìyókù ọdún náà.

Ọ̀nà kan tún wà láti bọ́ lọ́wọ́ ìjà ọdún ìpìlẹ̀, òun ni mo sì fi parí àríyànjiyàn lọ́jọ́ náà. Ẹ fi owó epo pín owó oṣù, kí ẹ wo iye líítà tí owó oṣù kan lè rà. Ní 2011, ₦18,000 ra líítà 277. Ní 2019, ₦30,000 ra 207. Ní oṣù keje 2024, ₦70,000 ra 113 ní iye tí wọ́n ń tà á nílé epo NNPC l'Ábújá. Kò sí ọdún ìpìlẹ̀ kankan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sún. Inú atọ́ka náà ló sì ti wá: bí ẹ bá fi 949 pín 389, ẹ ó rí 0.41, 113 sì jẹ́ ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ti 277. Bí ẹnì kan bá gbé àwòrán atọ́ka fún yín tí ara ń fu yín sí ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìdánwò tí ẹ lè ṣe nìyí: ẹ mú ọjọ́ méjì lórí ìlà kan, ẹ fi ọ̀kan pín èkejì. Láti 223 dé 949 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin lé díẹ̀. Nínú àwòrán bàbá náà epo 2024 jẹ́ 438, láti 103 dé 438 sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin lé díẹ̀. Yíyí ìpìlẹ̀ lè gbé ìlà sókè, ó lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yí ìlọ́po tó wà láàárín ọjọ́ méjì padà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìlà rọ̀bì tó forí balẹ̀, nítorí inú akọ̀wé dùn sí i jù bó ṣe yẹ lọ. Ó rò pé ó ti rí ẹ̀rí gbà: rọ̀bì wálẹ̀ sí 72, epo gòkè sí 949, irọ́ ni wọ́n ń pa. Atọ́ka pa òṣùwọ̀n rẹ́ lójú páálí, kò pa ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ rẹ́. Dọ́là ni ìlà yẹn ń kà, owó wa sì ti ṣubú níwájú dọ́là. Ní 2011, dọ́là kan jẹ́ bíi ₦155 ní báńkì. Ní àárín 2024 ó ti di bíi ₦1,500. Àgbá rọ̀bì ti 2011 jẹ́ nǹkan bíi ₦17,200, ti 2024 jẹ́ ₦120,000. Ẹ fi náírà ṣe atọ́ka rọ̀bì kan náà, ẹ ó rí bíi 700, kì í ṣe 72. Òun gan-an náà sálọ síwájú owó oṣù. Ohun tó kù láàárín 700 àti 949 la lè máa fi bi ara wa nípa owó ìrànwọ́ orí epo tí wọ́n yọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 àti àwọn nǹkan mìíràn. Mo fa ìlà kẹrin sí páálí náà, mo fi àwọ̀ pupa yà á. Akọ̀wé ò fẹ́ ẹ.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kò tiẹ̀ yẹ ká fi ṣe atọ́ka rárá. Èrè ilé iṣẹ́ kan tó jẹ àdánù lọ́dún ìpìlẹ̀ kò ní ohun tí a lè fi pín. Èyí tó kéré jù nígbà tó bẹ̀rẹ̀ náà á yọ wá lẹ́nu. Nígbà tí fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà ní 2001, iye nọ́ńbà tó ń ṣiṣẹ́ kò tó ìdajì mílíọ̀nù títí ọdún fi parí. Lónìí ó ju mílíọ̀nù 150 lọ. Ẹ fi 2001 ṣe 100, atọ́ka rẹ̀ á kọjá 30,000, gbogbo ohun mìíràn tí ẹ bá fà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì padà sùn sílẹ̀ bí ìlà epo ṣe sùn lórí páálí mi àkọ́kọ́.

Ẹnì kan nípàdé náà béèrè bóyá ohun kan náà ni ìjọba máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ti yí ọdún ìpìlẹ̀ padà. Ìbéèrè náà bọ́ sákòókò ju bó ṣe mọ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àjọ ètò ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, gbé ìpìlẹ̀ atọ́ka iye owó ọjà kúrò ní oṣù kọkànlá 2009 wá sí 2024. Ìfòsókè iye owó ọjà tí wọ́n kéde fún oṣù kejìlá 2024 jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti oṣù kìíní 2025 jáde ní 24.48. Àwọn èèyàn ní wọ́n yí ìpìlẹ̀ ni ọjà fi rọ̀. Ẹ rántí ìdánwò wa: yíyí ìpìlẹ̀ nìkan ò lè yí ìlọ́po padà. Ohun tó ṣe é ni pé wọ́n yí ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Oúnjẹ tó ń kó ju ìdajì apẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ di bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò ṣe. Nítorí náà ẹ má fi iye ti oṣù méjèèjì wé ara wọn bí ẹni pé òṣùwọ̀n kan náà ló wọ̀n wọ́n.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ohun kan tí mo tún ṣe sí páálí náà kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Mo ti fi ìlà gbọọrọ so 2011 mọ́ 2019, mo sì so 2019 mọ́ 2024, owó oṣù wá dà bí ohun tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Òṣìṣẹ́ wo ló rí ìyẹn rí? Mo pa á rẹ́, mo tún un yà ní àkàsọ̀: ilẹ̀ pẹrẹsẹ fún ọdún mẹ́jọ, àkàsọ̀ kan, pẹrẹsẹ fún ọdún márùn-ún, àkàsọ̀ kejì. Ìyẹn nìkan ni àtúnṣe tí gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ sí.

Nísàlẹ̀ páálí, lẹ́yìn àlàyé ọdún ìpìlẹ̀ tí bàbá náà ní kí n kọ, mo kọ líítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: 277, 207, 113. Mo padà síbẹ̀ ní oṣù kẹwàá, lẹ́yìn tí ilé epo NNPC l'Ábújá ti gbé líítà kan lọ sí ₦1,030. Ẹnì kan ti fi bírò fa ìlà sí 113 nínú, ó sì kọ 68 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró. Ó gbà á.